Èdìdì Lórí Èdìdì: Ìrìn-àjò Ìwé-Ẹ̀rí Láti Ìsọlọ̀ Dé Òkèèrè

Láti ìgbà tí ilẹ̀ Kánádà ti wọ inú àdéhùn Hégì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ọ̀rọ̀ àpọ́sítíìlì kò gbẹ́ lẹ́nu àwọn ará wa mọ́, tí ọmọ ń tẹ bàbá rẹ̀ láago ní Òkòta, tí aya ilé ń ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní Máfolúkù, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun fi àpọ́sítíìlì sí ìwé-ẹ̀rí yunifásítì òun, kí wọ́n sì tètè fi í ránṣẹ́. Àwọn àgbà tí a rán níṣẹ́ yìí a gbéra, wọn a dé Oṣòdì, wọn a máa bi èrò ọ̀nà léèrè. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú, ẹnìkan kì í sì í ṣàì sí níbẹ̀ tí yóò ní òun yóò ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú. Bẹ́ẹ̀, kò sí ọ́fíìsì kan ní gbogbo Nàìjíríà tí ó lágbára àtifúnni ní àpọ́sítíìlì, nítorí pé Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn náà.

Ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1961 ni wọ́n ṣe àdéhùn yìí ní ìlú Hégì, kí ìwé ìjọba tí ó bá ti orílẹ̀-èdè kan jáde lè wúlò ní òmíràn láìjẹ́ pé ẹ́ḿbásì fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún 1965, Amẹ́ríkà láti 1981. Ojúlówó àpọ́sítíìlì ní àkọlé lédè Faransé, àlàfo mẹ́wàá tí a fi nọ́ńbà sí ni ó sì ní, tí èkínní nínú wọn jẹ́ ti orúkọ orílẹ̀-èdè tí ìwé ti wá. Ẹni tí ó bá rí Nàìjíríà nínú àlàfo kìn-ín-ní yẹn, kí ó má wulẹ̀ ka ìyókù. Wọ́n ti gba owó rẹ̀ lásán.

Ọ̀nà tí ó kù fún wa ni ọ̀nà àtijọ́, ọ̀nà èdìdì lórí èdìdì. Ó dà bí ìgbà tí baálẹ̀ abúlé kan fi àlejò lé baálẹ̀ kejì lọ́wọ́: baálẹ̀ kejì kò mọ àlejò rí, baálẹ̀ kìn-ín-ní ni ó mọ̀, ẹ̀rí rẹ̀ ni ó sì gbà. Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ni yóò kọ́kọ́ jẹ́rìí sí ìwé yunifásítì. Ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè yóò jẹ́rìí sí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè tí à ń lọ yóò sì jẹ́rìí sí ọwọ́ ti ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gba ẹ́ḿbásì lọ, ẹ́ḿbásì yóò dá a padà, nítorí pé ẹ̀rí tí yóò jẹ́rìí sí kò tíì sí lórí ìwé náà.

Níbo wá ni nótárì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Nótárì jẹ́ lọ́yà tí Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà fi jẹ oyè náà. Bí ó bá tẹ èdìdì rẹ̀ sí ẹ̀dà ìwé, ohun tí ó ń wí ni pé òun rí ojúlówó, ẹ̀dà yìí sì bá a mu. Kò wí pé yunifásítì ni ó fúnni ní ojúlówó ọ̀hún. Ẹ̀dà mìíràn tún wà tí òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìpín 104, èyí tí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìwé àkọ́kọ́ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe, tí ó kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé òótọ́ ni, tí ó fi ọjọ́, orúkọ, ipò àti èdìdì sí i. Àgbà ni èyí lójú tèmi, nítorí pé ẹni tí ó ni àkójọ ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìsọlọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà, tí iṣẹ́ sì yọ fún un ní Dùbáì. Ilẹ̀ Lárúbáwá tí Dùbáì wà nínú rẹ̀ kò sí nínú àdéhùn Hégì bí àwa náà kò ti sí níbẹ̀, nítorí náà kò sí àríyànjiyàn: ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ẹ́ḿbásì wọn ní Àbújá, lẹ́yìn náà ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tiwọn lọ́hùn-ún nígbà tí ó bá débẹ̀. Wàhálà rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí rárá. Ìyá rẹ̀, nítorí ìfẹ́, ti fi ìwé-ẹ̀rí náà sínú ọ̀rá gbígbóná tí a ń pè ní lamínéṣọ̀n, kí òjò àti kòkòrò má baà rí i mú. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ìwé gan-an ni àwọn èdìdì yìí sábà máa ń wà, tàdáwà kì í sì í dúró lórí ọ̀rá. Bíbó ọ̀rá kúrò lè fa ìwé ya, ọ̀pọ̀ yunifásítì wa kì í sì í fúnni ní ojúlówó lẹ́ẹ̀mejì. Ní tirẹ̀, orí bá a ṣe é, ọ̀rá náà bó láìmú ọ̀rọ̀ lọ.

Orúkọ ni ìṣòro kejì. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni ó wà lórí ìwé-ẹ̀rí, ti ọkọ rẹ̀ ni ó wà lórí páásípọ́ọ̀tù. Níhìn-ín ni kóòtù ti wúlò: ó búra níwájú akọ̀wé ìbúra pé ẹnìkan náà ni ó ni orúkọ méjèèjì, ó kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó sì kó ìwé ìgbéyàwó mọ́ wọn. Èyí ni kí ènìyàn parí kí ó tó wọkọ̀ Àbújá.

Àwọn kan lára wa ní Lọ́ńdọ̀nù ti rí ọ̀nà ẹ̀bùrú kan, mo sì fẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Wọn a mú ìwé-ẹ̀rí Nàìjíríà lọ bá lọ́yà níbẹ̀, lọ́yà a jẹ́rìí sí ẹ̀dà rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Gẹ̀ẹ́sì a sì fi àpọ́sítíìlì sí i. Kì í ṣe ayédèrú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ lọ́yà ni àpọ́sítíìlì náà ń jẹ́rìí sí, kò mọ nǹkan kan nípa Akọkà. Ọ́fíìsì tí ó gbà á wà; ọ́fíìsì tí yóò ní ilẹ̀ tí ìwé ti wá ni kí ẹ̀rí ti wá náà wà, owó tí a ná kò sì ní padà.

Àwọn ọ́fíìsì mìíràn kò tilẹ̀ fẹ́ èdìdì kankan. Àwọn tí ń wọn ìwé-ẹ̀rí fún ẹni tí ń lọ sí Kánádà sábà máa ń fẹ́ kí yunifásítì fúnra rẹ̀ fi àkọsílẹ̀ máàkì ránṣẹ́ sí wọn tààrà. Bí ìwé náà bá gba ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín kọjá, kò wúlò fún wọn, ì báà ní èdìdì ogún.

Nítorí náà mo bẹ gbogbo ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà lókèèrè: kí ẹ tó tẹ ilé láago, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tí yóò gba ìwé náà, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn lákọsílẹ̀, yálà ojúlówó ni wọ́n fẹ́ tàbí ẹ̀dà, èdìdì ta ni, àti orúkọ wo. Ìdáhùn yẹn ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí Ìsọlọ̀ ṣáájú owó, kí ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n má ṣe gbé ìwé-ẹ̀rí lọ síbi lamínéṣọ̀n.