Ìbéèrè Kan Ṣoṣo fún Aṣọ́nà Méjì

Nígbà èwe wa ní Múṣín, alẹ́ tí iná mànàmáná bá lọ ni alẹ́ àlọ́. Ìyá wa a gbé àtùpà sí ẹnu ọ̀nà, a ó sì yí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ká, ẹni tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yábàtẹ́ẹ̀kì nígbà náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó pa àlọ́ kan fún wa tí kò ní Ìjàpá nínú, tí kò sì ní orin.

Ó ní ọkùnrin kan dé iwájú ilẹ̀kùn méjì. Ọ̀kan ṣí sí ìyè, èkejì ṣí sí ikú. Aṣọ́nà kan dúró ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn aṣọ́nà náà kì í purọ́ láéláé. Èkejì kì í sọ òtítọ́ láéláé. Àwọn méjèèjì mọ ilẹ̀kùn tí ìyè wà, wọ́n sì mọ ìwà ara wọn. Ọkùnrin yìí kò mọ èyí tí í ṣe olóòótọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó sì lè bi ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn. Kí ni kí ó bi í?

Ẹran inú ọbẹ̀ mi ti ọjọ́ kejì ni mo fi lélẹ̀ pé n ó já a. Mo ní, “Kí ó bi í pé, ‘Ṣé olóòótọ́ ni ọ́?’” Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Olóòótọ́ yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni. Òpùrọ́ náà yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo tún ronú títí, mo ní, “Kí ó bi í ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀. Kí ó ní, ‘Ṣé òru ni a wà yìí?’ Ẹni tí ó bá sẹ́ òru lójú òru, òun ni èké.” Ẹ̀gbọ́n mi mi orí, ó ní, “O káre. O ti mọ olóòótọ́ wàyí, ìbéèrè rẹ sì ti tán. Ilẹ̀kùn wo ni ìwọ yóò wọ̀?” Mo dákẹ́ lọ gbári.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibi tí mo dákẹ́ sí yìí ni egungun àlọ́ náà wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó mọ ìdáhùn rẹ̀ ni kì í sì dé ibẹ̀. Nǹkan méjì ni ó pamọ́ fún ọkùnrin náà. Olóòótọ́ lè wà lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì. Ìyè pẹ̀lú lè wà lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì. Bí a bá so méjèèjì pọ̀, ọ̀nà 4 ni ọ̀ràn náà lè gbà rí. Ìdáhùn kan tí í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò lè pín ọ̀nà 4 wọ̀nyí ju ìdì 2 lọ. Kò sí bí a ṣe lè gbọ́n tó, ìbéèrè kan kò lè fi olóòótọ́ hàn wá kí ó tún fi ilẹ̀kùn hàn wá. Ó di dandan kí a mú ọ̀kan, kí a sì fi èkejì sílẹ̀. Èmi mú olóòótọ́, mo sì bá ikú lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ yè ní láti gbà pé òun lè ti ibẹ̀ kọjá láìmọ ẹni tí òun bá sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè tí ó ń gbani là nìyí: “Bí mo bá bi ẹnìkejì rẹ pé ilẹ̀kùn wo ni ti ìyè, èwo ni yóò fi hàn mí?” Ẹ jẹ́ kí a gbé e wò. Ká ní ìyè wà lápá ọ̀tún. Bí ó bá jẹ́ olóòótọ́ ni a bi, ó mọ̀ pé èké ẹgbẹ́ òun yóò na ọwọ́ sí òsì, yóò sì ròyìn rẹ̀ bí ó ti rí: “Òsì.” Bí ó bá jẹ́ èké ni a bi, ó mọ̀ pé olóòótọ́ yóò na ọwọ́ sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n kò lè ròyìn rẹ̀ bí ó ti rí, nítorí náà yóò ní, “Òsì.” Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ti ẹnu méjèèjì jáde, irọ́ sì ni. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ náà gba ọwọ́ àwọn méjèèjì kọjá, èké sì fọwọ́ bà á lẹ́ẹ̀kan péré, yálà òun ni ó kọ́kọ́ gbé e tàbí òun ni ó gbé e kẹ́yìn. Kí ọkùnrin náà yí ẹ̀yìn padà sí ilẹ̀kùn tí wọ́n dárúkọ, kí ó sì wọ èkejì.

Ní ọjọ́ kejì mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí n tún un ṣe kí n lè gba ẹran mi padà. Ó dúró bí aṣọ́nà. Mo bi í pé, “Ṣé ẹnìkejì rẹ kì yóò wí pé ọ̀tún ni?” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Mo wọ òsì, mo sì tún kú. Olùkọ́ wa ti fi pàṣán kọ́ wa ní ilé-ìwé pé, nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni a fi í dáhùn, kì í ṣe ọ̀nà tí a gbà béèrè. Ní etí mi nígbà náà, “bẹ́ẹ̀ ni” túmọ̀ sí pé yóò wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni a ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni inú Yorùbá sì ń bá ìbéèrè lọ: bí a bá ní, “Ṣé o kò tíì jẹun?” ẹni tí kò tíì jẹun yóò ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, n kò tíì jẹun.” Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wí ni pé ẹnìkejì òun kì yóò wí pé ọ̀tún ni, òsì ni yóò dárúkọ, ọ̀tún sì ni ìyè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tí yóò béèrè ìbéèrè yìí kò gbọdọ̀ fi “kò” tàbí “kì yóò” sínú rẹ̀, àti pé kí aṣọ́nà na ọwọ́ sàn ju kí ó la ẹnu lọ.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pẹ̀lú ti fi irú àlọ́ yìí ṣe iṣẹ́. Raymond Smullyan, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà tí ó kú ní 2017, kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlọ́ olóòótọ́ àti òpùrọ́ jọ sínú ìwé kan tí ó jáde ní 1978. Ní 1996 ni George Boolos, ẹni tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ọgbọ́n orí, tẹ ọ̀kan jáde tí ó le ju ti ẹ̀gbọ́n mi lọ. Àwọn tí a ó bi ní ìbéèrè di mẹ́ta, ìbéèrè sì di mẹ́ta. Wọ́n gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwọn ni wọ́n fi ń dáhùn, a kò sì mọ èyí tí í ṣe bẹ́ẹ̀ ni nínú rẹ̀. Ẹnìkan ń sọ òtítọ́, ẹnìkan ń purọ́, ẹnìkẹta sì ń dáhùn bí ẹni tí ó ta owó ẹyọ. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tí ó bá fẹ́ já a ní láti ṣe ni kí ó wá ẹnìkan tí kì í ṣe ẹnìkẹta náà, nítorí pé kò sí ìbéèrè tí ó lè mú òtítọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Òpùrọ́ tí kì í yẹ̀ wúlò bí olóòótọ́. Ẹ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ẹ ti rí òtítọ́. Ẹni tí ó ń yí bí ọjọ́ ti ń yí ni ìṣòro.

Ní 1997 ni èmi fúnra mi dúró níwájú aṣọ́nà méjì, ní Àgùdà, ní Súrùlérè. Mo ń wá yàrá méjì tí mo lè gbà. Owó àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wà lára mi, owó ilé ọdún méjì gan-an, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan pàdé mi lẹ́nu géètì, ó ní òun ni onílé fi ilé náà sí lọ́wọ́. Kí a tó dé ẹ̀yìnkùlé, ọkùnrin kejì yọ, ó ní òun ni, pé ọ̀daràn ni ti iwájú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní onírọ́. Mo rántí ẹ̀gbọ́n mi, mo sì rẹ́rìn-ín nínú.

Mo fa ti àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, “Ọ̀gá, bí mo bá bi ẹnìkejì yín pé ta ni onílé fi ilé yìí sí lọ́wọ́, kí ni yóò wí?” Ó ní, “Yóò ní òun ni, olè ni!” Gẹ́gẹ́ bí òfin àlọ́, mo yí i padà: a jẹ́ pé ọkùnrin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ yìí ni. Kí ó má baà dà bí ẹni pé mo ṣe ojúsàájú, mo lọ bi ẹnìkejì ní ohun kan náà. Òun náà ní, “Yóò ní òun ni!” Mo yí i padà: a jẹ́ pé òun ni. Níbẹ̀ ni ẹ̀rín inú mi ti gbẹ. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì sọ fún mi nípa ara wọn. Èké tí ó wà níbẹ̀ kò purọ́, nítorí pé irọ́ kò ní èrè fún un ní ojú ibẹ̀ yẹn. Èké inú àlọ́ ń purọ́ nítorí pé bí a ti dá a nìyẹn. Èké Àgùdà ń purọ́ nítorí owó, bí òtítọ́ bá sì lè mú owó wá, yóò sọ ọ́.

Ìbéèrè tí mo fi kùnà nígbà èwe, ti “Ṣé òru ni a wà yìí?”, kò lè gbà mí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ojú mi ti rí ni èké fi máa ń ra ìgbàgbọ́ mi. Ohun tí mo nílò ni ohun tí èmi kò tíì mọ̀ ní ìgbà tí mo béèrè, ṣùgbọ́n tí mo lè mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà mo bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé ta ni ó buwọ́ lu rìsíìtì àwọn ayálégbé tí ó wà nínú ilé. Àwọn méjèèjì ní àwọn ni. Mo wọlé lọ bá ìyá àgbà kan tí ó ń din àkàrà lẹ́yìnkùlé, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì ro ẹjọ́ mi. Ó wo ojú mi, ó ní, “Ọmọ mi, fi owó rẹ sápò.” Ó mú rìsíìtì ọdún méjì jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Orúkọ obìnrin ni ó wà lórí rẹ̀. Ọmọ onílé ni, Yábà ni ó ń gbé, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń wá gba owó ilé. Nínú àwọn ọkùnrin méjì náà, kò sí ẹni tí ilé kàn.

Mo padà sí Múṣín pẹ̀lú owó mi, mo sì sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Èmi ni mo sọ fún ọ pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ olóòótọ́. Nínú àlọ́, ẹni tí ó ń pa á ni ó ń fúnni ní ìyẹn. Ta ni ó fún ọ ní Àgùdà?” N kò rí èsì fọ̀. Kò sí ẹni tí ó fún mi. Àwọn méjì ń bá ara wọn jà, mo sì rò pé nígbà tí ìjà wà, ó di dandan kí ẹnìkan jàre.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ń kọjá lójú pópó ní Súrùlérè tí mo sì rí i tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, mo máa ń rántí ilẹ̀kùn méjì. Onílé tí ó kọ ọ́ mọ̀ pé àwọn aṣọ́nà yóò dúró síbẹ̀ nígbà tí òun kò bá sí nílé, ó sì mú kí ògiri sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé.