Ẹgbẹ́ tí Kò Kọ Ìwé Ìkéde

Àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà kan wà ní Yúróòpù tó jẹ́ pé ìwé ni wọ́n fi kéde ara wọn. Marinetti kéde Fúṣúrísíìmù nínú ìwé ìròyìn ní 1909, Breton kéde Sọ̀ríálísíìmù ní 1924. Irú ìtàn báyìí ló wà nídìí ìlànà ìmáàkì tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ iṣẹ́ ọnà jogún: akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ sọ èrò ẹgbẹ́ náà bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni máàkì sì pọ̀ sí jù. Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ́ni. Nígbà tí mo fẹ́ ṣètò ìmáàkì fún àròkọ àwọn ọlọ́dún kẹta, mo rí i pé ìlànà yẹn kò lè wúlò fún ìbéèrè mi. Mo ní kí wọ́n mú iṣẹ́ kan láti Òṣogbo àti ọ̀kan láti ẹgbẹ́ Ọnà, kí wọ́n fi wọ́n wéra.

Ifẹ̀ ni Ọnà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Àwọn bíi Moyọ̀ Òkédìjí, Kúnlé Fìlání àti Tọ́lá Wẹwẹ jẹ́ ọ̀mọ̀wé tó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì, wọ́n sì kọ èrò wọn sílẹ̀. Ti Òṣogbo yàtọ̀. Dúró Ládiípọ̀ ló ṣí Mbárí Mbáyọ̀ síbẹ̀ ní 1962 pẹ̀lú Ulli Beier. Denis Williams wá kọ́ni níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà Georgina Beier kọ́ni ní 1964. Púpọ̀ nínú àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ kò dé ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà rí; òṣèré orí ìtàgé Ládiípọ̀ làwọn mìíràn. Wọn kò kọ ìwé ìkéde kankan. Bí a bá ń lo ìlànà àtijọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á da ìkéde Ọnà kọ, á gba máàkì rẹ̀. Tó bá kan Òṣogbo, ọ̀rọ̀ Ulli Beier ni yóò fi sí àwọn ayàwòrán lẹ́nu.

Nítorí náà, mo pín 30 máàkì sí ọ̀nà mẹ́rin. 10 wà fún ohun tí ojú rí lára iṣẹ́ náà, 10 fún bí ohun náà ṣe bá ìtàn ẹgbẹ́ mu tàbí tako ó, 6 fún ẹ̀rí àti orísun, 4 fún ètò àti èdè. Níbi ẹ̀rí, ìkéde kì í ṣe dandan. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìtàn bí wọ́n ṣe kọ́ iṣẹ́, tàbí èròjà tí wọ́n lò tó, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ ẹni tó sọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ Jimoh Buraimoh. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ̀wé pé “iṣẹ́ yìí fi àṣà Yorùbá hàn” gba 3 nínú 10, torí kò sí iṣẹ́ ọnà Yorùbá tí gbólóhùn yẹn kò lè bá mu. Ẹlòmíràn sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ ló fi fa ìlà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ náà ló sì fi kun inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti adé ọba, àmọ́ pé ara ògiri ni èyí wà, kì í ṣe orí ọba. Ìyẹn gba 8. Bó bá tún sọ pé ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń to ìlẹ̀kẹ̀ adé kì í ṣe ẹni tí kò kọ́ṣẹ́, bó ti wù kí àwọn òǹkọ̀wé pè é, máàkì gidi wà fún un ní ọ̀nà kejì, bó tilẹ̀ ta ko ìwé tó kà.

Ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣì kọ náà ní ààyè tirẹ̀. Ẹni tó kọ 1963 dípò 1962 pàdánù máàkì kan lábẹ́ ẹ̀rí, ó tán. Àmọ́ ẹni tó ní Òṣogbo ń fèsì fún Ọnà ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ka orí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀, nítorí ọdún 27 ló wà láàárín wọn. Abẹ́ ọ̀nà kejì ló ti máa pàdánù, á sì pọ̀.

Kí ìlànà tó dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, èmi àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan máàkì àwọn àròkọ kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi tí a bá ti fi ju máàkì méjì lọ yàtọ̀ síra, ọ̀rọ̀ inú ìlànà ni a máa ń tún kọ. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé pé àwòrán Ọnà kan jọ igbá fínfín Ọ̀yọ́. Mo fún un ní 4, ẹlẹgbẹ́ mi fún un ní 8. “Àlàyé tó jinlẹ̀” la kọ síbẹ̀, oníkálukú wa sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe fẹ́. A wá kọ ọ́ pé: “ó sọ ibi tí ìjọra náà wà, yálà ìlà, àlàfo, àwọ̀ tàbí èròjà.” Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sọ ọ́, a sì jọ fún un ní 4.

Ohun kan wà tí ìlànà yìí kò lè tún ṣe. Orí fóònù ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wo iṣẹ́ wọ̀nyí, níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ Buraimoh kò ti ní gíga, tí erùpẹ̀ tí Òkédìjí fi kun àwòrán sì dà bí ọ̀dà lásán. Nítorí náà, ìlà àkọ́kọ́ nínú àròkọ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n ti rí iṣẹ́ náà, àwòrán inú fóònù ni o tàbí iṣẹ́ gan-an. Ẹni tó rí i nínú fóònù lè gba 10, bí kò bá ṣáà sọ nǹkan kan nípa bí iṣẹ́ náà ṣe rí lọ́wọ́.