Orí Kí Ni Ẹ Ó Ti Máa Ka Èlé Náà?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, àwa tí a háyà yàrá ní agbègbè Valence, ní Dagenham níhìn-ín, mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí owó ilé bá pẹ́ dé, tí onílé sì ti ń retí owó rẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìwé àwọn ayánilówó-fún-ọjọ́-díẹ̀ máa ń dùn ún kà. Kí a tó buwọ́ lù ú, ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n pé: orí kí ni ẹ ó ti máa ka èlé náà?

Bí ó bá jẹ́ orí owó tí a yá nìkan, èlé ojú owó ni. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ rí bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún olówó ni èlé, gbèsè náà kì í sì í ju iye tí wọ́n yá lọ. (Kì í dín pẹ̀lú, ibẹ̀ ni ó ti korò.) Ṣùgbọ́n bí èlé àná bá di ara gbèsè, tí ti òní sì tún gùn ún lórí, èlé orí èlé nìyẹn.

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, òfin ilẹ̀ yìí kò gbà kí irú ayánilówó bẹ́ẹ̀ gba ju 80 pẹ́nsì lọ lójúmọ́ lórí £100. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, èlé di £24. Ní ọjọ́ 125, ó pé £100 gééré: sọ́gúndogójì tí a mọ̀ nílé gan-an! Òfin ní kó dúró síbẹ̀. Àti èlé àti owó ìtanràn, gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju iye tí a yá lọ.

Ẹ wá wo ẹni tí kò gba ìwé àṣẹ, tí a bá pàdé lóde ìnáwó, tí òun náà ní ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ ni òun ń gbà, ṣùgbọ́n tí ó ń ka èlé orí èlé. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, èlé tirẹ̀ jẹ́ £27. Ta ni £3 yóò bà lẹ́rù? Àmọ́ ní ọjọ́ 87, gbèsè ti di £200. Ní ọjọ́ 125, ó ti kọjá £270.

Ti ìfowópamọ́ kò le tó bẹ́ẹ̀ fún àwa tí ọdún díẹ̀ ni a ó lò. Bí a bá fi £500 sí báńkì tí ń san ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, tí a sì ń kó èlé rẹ̀ ná lọ́dọọdún, gbogbo ohun tí a ó rí lọ́dún márùn-ún jẹ́ £600. Bí a bá fi èlé náà sílẹ̀, £608.33 ni. Ẹ má tìtorí £8 wọkọ̀ kiri Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, kí ó bi báńkì bóyá inú àkáǹtì yẹn gan-an ni èlé ń wọ̀, tàbí wọ́n ń san án sí òmíràn. £1,622 ni ti àkọ́kọ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dà. Ti èkejì, £1,100.