Ímeèlì 41 Lórí Kànga Kan
Ímeèlì 41 ni àwa ọmọ ìyá kọ síra wa nítorí kànga ẹ̀rọ tí a fẹ́ gbẹ́ sílé. Èmi ni wọ́n ní kí n kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú ewé kan.

Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé a ti fohùn ṣọ̀kan lórí owó. Àṣìṣe ni. Lóòótọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa kọ “Ó dára”, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo wákàtí rẹ̀, iye àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fèsì sí, kì í ṣe iye tí a fi kún un lẹ́yìn náà. Àbúrò wa obìnrin ní tirẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ẹnìkan ló tẹ `Reply` dípò `Reply all`, ọ̀rọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá!

Mo tún un kà láti orí èyí tó pẹ́ jù. Ibi tí kànga yóò wà nìkan ni a ti pinnu. Mo kọ ọjọ́ àti orúkọ àwọn tó gbà sí i. Àríyànjiyàn wà lórí ohun tí yóò máa fa omi, iná oòrùn ni tàbí jẹnẹrétọ̀. Mo kọ àwíjàre ìhà méjèèjì bí wọ́n ti sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti oòrùn ni mo fẹ́. Owó wá di ìbéèrè, mo sì kọ orúkọ àbúrò wa sí i pé ìdáhùn rẹ̀ ni a ń retí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú ló fèsì: ìdajì ni agbára òun ká.