Ẹ Kọ̀ Mí Tàbí Ẹ Kọ́ Mi?

Ẹ ó rántí pé nígbà ìsinmi, àwa mẹ́rin rìn yí ká Mowe, Ibafo àti Ifo, à ń ya àwòrán pátákó ara ṣọ́ọ̀bù. A fi bírò pupa yí gbogbo ibi tí a rò pé àkọtọ́ wọn kò tọ̀nà po, a sì gbé e jáde. Ẹ rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan wà tí kò bá wa rẹ́rìn-ín.

Baba télọ̀ kan ní Ifo ni. Ara pátákó ṣọ́ọ̀bù wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ENIA L'AṢỌ MI. A ti fi pupa yí ENIA po, a kọ “ènìyàn” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A fagi lé àmì tó wà láàárín L àti A, a kọ “laṣọ”. Ọmọbìnrin kan nínú wa tó ń gbé Ifo ló mú wa débẹ̀. Baba yìí ló rán aṣọ ilé ìwé rẹ̀ láti kíláàsì àkọ́kọ́ títí ó fi jáde. Ẹnì kan fi àwòrán náà han Baba lórí fóònù, wọ́n gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ lórí Wasáàpù ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Baba gbà wá láyè láti tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́:

“E ku ise o. Mo ri aworan soobu mi ti e ko asise si. Mo ko enia nigbati a nko enia. Tani o ko nyin pe asise ni? Oruko ilu wa ti e fi ami si, tani e bi? Ise ti ko si owo nibe ni e nse, mo mo. Ami ori oro nko? E ko mi. Mo nreti.”

Ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ka gbólóhùn kẹrin láti ìparí, ó bú sẹ́kún. Bó ṣe kà á ni pé, “Iṣẹ́ tí kò sí ọ̀wọ̀ níbẹ̀ ni ẹ ń ṣe, mo mọ̀.” Ó tún ka méjì tó gbẹ̀yìn pé, “Ẹ kọ̀ mí. Mo ń retí.” Lójú tirẹ̀, àgbàlagbà tó ń retí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó kọ̀ ọ́ kì í ṣe ẹni à ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sùn.

Ọ̀kan nínú wa ní Mowe fẹ́ fèsì lójú ẹsẹ̀. Ó ti tẹ̀ ẹ́ tán: “Baba, ẹ kú alẹ́ sà, kò yé yín ni.” A dúpẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi hàn wá. Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa: “sà” wà níbẹ̀, ìkíni wà níbẹ̀, “yín” ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, síbẹ̀ èébú ni. A kì í sọ fún àgbà pé ọ̀rọ̀ kò yé e. Àwa tí a sọ̀rọ̀ la ò là á yé wọn. A ní kí foonu sùn, kí àwa náà sùn.

Ní àárọ̀ Ajé a jókòó sí Ibafo, a fi ọwọ́ da ọ̀rọ̀ Baba kọ sínú ìwé, a fi àyè sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún àmì. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a ka iye ìgbà tí “ko” wọlé. “Mo ko enia” kò ní ìjà nínú: kọ ni, ohùn àárín, pé wọ́n fi ọwọ́ kọ nǹkan sílẹ̀. “Tani o ko nyin” náà kò ní ìjà: kọ́ ni, ohùn òkè, pé ta ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ìgbẹ̀yìn ló le. Bí ọ̀rọ̀ ìṣe bá jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, arọ́pò orúkọ tó tẹ̀ lé e yóò gba òkè: ẹ kọ̀ mí. Bó bá jẹ́ ohùn òkè, arọ́pò orúkọ á padà sí àárín: ẹ kọ́ mi. Bó bá jẹ́ àárín, ẹ kọ mí, bí ẹni pé àwa la kọ Baba sínú ìwé. Ẹni tó bá sọ ọ́ lẹ́nu kò lè ṣì wá lọ́nà, nítorí ọ̀rọ̀ méjì ló ń yí padà pọ̀. Lórí fóònù tí kò ní àmì, gbogbo rẹ̀ di ìkan náà.

Nítorí náà a wo ohun tó yí i ká. Gbólóhùn tó ṣáájú rẹ̀ ni “Àmì orí ọ̀rọ̀ ńkọ́?” Ìbéèrè ni. Èyí tó tẹ̀ lé e ni “Mo ń retí.” Ẹni tí wọ́n bá kọ̀ kì í sábà jókòó máa retí àwọn tó kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí wọ́n kọ́ òun máa ń retí. Baba ti lo “ko” fún ẹ̀kọ́ nínú iṣẹ́ yìí kan náà. Ó jọ pé Baba ń bẹ̀ wá kí a kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá wa wí tán.

Ti “owo” kò já. Ọ̀wọ̀ ṣeé kà níbẹ̀, owó náà ṣeé kà níbẹ̀, “mo mọ̀” sì bá méjèèjì mu. A yí i, a yí i, a fi sílẹ̀.

Ìbáwí tòótọ́ wà níbẹ̀ o, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ohùn ló sọ gbogbo rẹ̀ di àwàdà. “Mo kọ enia nígbà tí à ń kọ enia.” Ìyẹn ló bà wá jù. Kíláàsì ni a ti kà á, a sì ti fi ṣe ìdánwò: ní 1875, àwọn tí Àjàyí Crowther ṣáájú ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ọ̀nà kíkọ tí àwọn baba wa lò múlẹ̀. Aiye, enia, nwọn, ẹnyin, ẹiyẹ: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ wọ́n nínú Bíbélì Mímọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà nínú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé jáde lórí àkọtọ́ ní 1965. Ọdún 1974 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí èyí tí à ń lò lónìí. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa. Ọdún wo ni wọ́n kọ pátákó yẹn? Kò sí ẹni tó bi Baba. Ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n ti fi ọ̀dà tún un kùn, àmọ́ orí lẹ́tà 1971 ni wọ́n ń kùn ún lé. Ohun tí a pè ní àṣìṣe tọ̀nà pátápátá lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Àwa ni a fi òfin ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà dá a lẹ́jọ́.

Ti orúkọ ìlú náà, bẹ́ẹ̀ ni. A ti fi àmì sórí Mowe, Ibafo àti Ifo bí etí wa ṣe gbọ́ ọ, láìbi onílé kankan.

A wá kọ èsì. Àkọ́kọ́ ní “ṣùgbọ́n” mẹ́rin nínú. A yọ mẹ́ta. Òwe kan wà níbẹ̀, a ti fi “tótó ó ṣe bí òwe” ṣáájú rẹ̀, síbẹ̀ a yọ ọ́, nítorí ẹni tí wọ́n ń bá wí kì í ṣe ẹni tó ń pa òwe. “Ẹ tọ̀nà, sà” náà lọ: bíi tíṣà tó ń fi máàkì fún Baba ló rí. Èyí tó kù nìyí:

“Baba wa, ẹ kú àárọ̀ sà. Àwọn ọkùnrin inú wa dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. A rí iṣẹ́ tí ẹ rán sí wa, a sì kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa wí, tí ẹ kò wò wá níran. Pátákó yín kì í ṣe àṣìṣe. Àkọtọ́ ìgbà tí ẹ kọ ọ́ ni, àwa la ò béèrè. A ti yọ àwòrán náà kúrò, a ó sì kọ ìdí rẹ̀ fún àwọn tó ti rí i. A kò bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa orúkọ ìlú. A ó wá bi yín. Bó bá jẹ́ pé a kọ̀ yín ni ẹ sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì wá. Bó bá jẹ́ pé kí a kọ́ yín ni, a ò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a lè fi ibi tí àmì wà lórí fóònù hàn yín. Ọjọ́ wo ni kí a wá, sà?”

Ẹni tí Baba rán aṣọ fún ló fi ránṣẹ́, ní orúkọ gbogbo wa. Ó tó wákàtí mẹ́fà kí èsì tó dé: “O da. Satide.” A tún bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí rẹ̀ bóyá “ó dáa” ni tàbí “ó dà?”, àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú wa ní kí a jọ̀ọ́, kí a sinmi.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ará Mowe àti Ibafo wọ ọkọ̀ lọ sí Bẹ́gà, a gba Sango kọjá, a dé Ifo lẹ́yìn aago mọ́kànlá. A kò mú nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́, búrẹ́dì àti mílíìkì. Baba kò dáhùn ìkíni wa kíákíá. Wọ́n rán ojú aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ tán ná. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí a jókòó. Ní ti “owo”, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Owó ni mo wí. Mo ní iṣẹ́ tí ẹnì kan ò san owó rẹ̀ fún yín lẹ ń ṣe.” Wọ́n gé òwú pẹ̀lú eyín. “Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ kà yẹn, ó wà níbẹ̀ náà.”

A ṣí Gboard fún wọn, a lọ sí Languages, a fi Yorùbá kún un. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ wà níbẹ̀. A fi hàn wọ́n pé bí ìka bá pẹ́ lórí lẹ́tà, àmì ohùn á yọ sókè. Ìka Baba nípọn, fóònù kékeré ni. Ó gbà wọ́n tó ìdajì wákàtí kí wọ́n tó tẹ orúkọ ìyàwó wọn tó ti di olóògbé tán, wọ́n sì tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tó kan orúkọ ìlú, a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pe Ifo fún wa. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ àmì tí a gbọ́ sínú ìwé láìwo ti ara wa, ó sì já sí ọ̀nà méjì. Baba gba ìwé náà, wọ́n ká a, wọ́n fi sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ wọn kan tó dàgbà jù wọ́n lọ ń bọ̀ láti ọ̀nà Papalanto lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àti pé títí di ìgbà náà, kí a má fi nǹkan kan sórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí orúkọ àwọn ìlú wọ̀nyí láìní àmì lókè yìí.