Àkókò Tí Atẹdùùrù Ń Jí

Ọ̀rọ̀ kékeré kan máa ń wà lórí ìwé orin dùùrù: rùbátò. Èdè Ítálì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí a jí. Àkókò ni atẹdùùrù ń jí níbẹ̀: ó gbà díẹ̀ lọ́wọ́ ohùn kan, ó fi fún òmíràn. Àwọn kan a rí ọ̀rọ̀ yìí tán, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbogbo orin nílẹ̀ bí ẹni ń wọ́ ẹsẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe rùbátò rárá.

Fúrẹ́dẹ́ríìkì Ṣópẹ́n, ọmọ ilẹ̀ Pólándì tó kú sí ìlú Párísì lọ́dún 1849, kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé ọwọ́ òsì ni olórí akọrin, kò gbọdọ̀ mì, kí ọwọ́ ọ̀tún sì máa kọrin bó ti wù ú. Ẹni tó bá ti gbọ́ gúdúgúdú tó dúró lójú kan, tí ìyáàlù ń fọhùn lórí rẹ̀, kò ní ṣàìmọ ohun tó ń wí.

Ẹ wo orin òru rẹ̀ kan, Ópọ́ọ̀sì 9, ìkejì, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1832. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ òsì a lu ìlù 12, mẹ́ta mẹ́ta: ohùn ìsàlẹ̀ kan, àpapọ̀ ohùn méjì a tẹ̀ lé e. Ìlù 132 ló fi sí ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìpín kan kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí orin parí, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí rùbátò wà, ṣùgbọ́n kó mọ níwọ̀n. Atẹdùùrù a wá dúró pẹ́ lórí ohùn kan lọ́wọ́ ọ̀tún, títí ọwọ́ òsì yóò fi ṣíwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a yára tẹ àwọn ohùn tó kù, kí ọwọ́ méjèèjì lè bára pàdé lórí ohùn ìsàlẹ̀ tó kàn.

Láti mọ̀ bóyá ó ṣe é dáadáa, kó gba orin náà sílẹ̀, kó máa ka ìlù ọwọ́ òsì bó ti ń gbọ́ ọ. Bí kíkà náà bá ń dàrú, gbèsè ló jẹ, kò san án. Bó bá sì ń dúró síbi kan náà nínú gbogbo ìpín, akólòlò ló ń ṣe.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ atẹdùùrù òde òní a máa fa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, òmíràn nínú wọn sì dùn létí. Ṣópẹ́n fúnra rẹ̀ kò fìgbà gbogbo pa òfin náà mọ́. Ṣáálì Hàlé, tóun náà ń tẹ dùùrù, sọ fún un pé orin ijó ilẹ̀ Pólándì tó yẹ kó ní ìlù mẹ́ta ń dún bíi mẹ́rin. Ó jiyàn. Hàlé ní kó tẹ ọ̀kan, ó sì ń ka mẹ́rin sókè bó ti ń tẹ̀ ẹ́. Ṣópẹ́n bú sẹ́rìn-ín, ó ní bí ijó àwọn ará ilé òun ṣe rí nìyẹn.