"Ẹ̀yìn Ìyàwó Ò Ní Mẹ́ní": Àdúrà Tó Ń Di Ìbéèrè

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ẹni tó ń jẹ níyà ló mọ̀ bó ṣe ń dunni tó.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, gbogbo wa la máa ń ṣàdúrà pé ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹ́ní. Bí oṣù mẹ́sàn-án bá kọjá tí a ò gbúròó ọmọ, àdúrà yẹn á di ìbéèrè. Níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ á ti wo ikùn ìyàwó kó tó dáhùn ìkíni rẹ̀. Ìyá àgbà kan á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, lọ fọ ilé ọmọ rẹ." Ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́. Ìyàwó á rẹ́rìn-ín lójú agbo, á sì wọ balùwẹ̀ lọ sunkún.

Ẹ kíyè sí i pé ìyàwó nìkan ni gbogbo wọn ń bá wí. Bẹ́ẹ̀, nínú àwọn tọkọtaya tó ń wá ọmọ, nǹkan bí ìdajì ni ọ̀rọ̀ náà kan ọkọ, yálà òun nìkan tàbí òun àti ìyàwó rẹ̀. Ara ọkùnrin lè le koko, kí irúgbìn ọmọ má sì pọ̀ tó nínú àtọ̀ rẹ̀. Ojú lásán ò lè rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti tọkọtaya kan tí wọ́n wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ń wá ọmọ. Wọ́n sọ fún ìyàwó níbi òkú àgbà kan pé ìdọ̀tí ló wà nínú rẹ̀, ló bá lọ fọ ilé ọmọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbọ́ o, ilé ọmọ kì í dọ̀tí bí ìkòkò. Ohun tí wọ́n ń pè ní fífọ yẹn, wọ́n ń ha inú rẹ̀ ni. Ó wúlò fún ẹni tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ ò jáde tán. Bí wọ́n bá ń ha á láìnídìí, inú ilé ọmọ lè dá àpá, kó lẹ̀ pọ̀. Àrùn náà lè wọlé, kó dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà kọjá. Àmì kan ni pé nǹkan oṣù tó ń wá dáadáa tẹ́lẹ̀ á kéré gan-an. Ti obìnrin yìí ti kù sí ọjọ́ kan péré.

Ọkọ ńkọ́? Kò tíì ṣe àyẹ̀wò kankan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ní kó máa gba abẹ́rẹ́ tẹsitósítẹ́róònù fún agbára ọkùnrin. Bí ara bá ń rí i gbà láti ìta, ó lè ṣíwọ́ irúgbìn ọmọ ní ṣíṣe. Àyẹ̀wò àtọ̀ fi hàn pé tirẹ̀ kéré púpọ̀.

Àyẹ̀wò yìí ò le. Kí ọkùnrin má bá obìnrin lò pọ̀, kí àtọ̀ má sì jáde lára rẹ̀, fún ó kéré tán ọjọ́ 2, kó má ju ọjọ́ 7 lọ. Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba àtọ̀ náà sínú ike tí ilé àyẹ̀wò fún un, láìlo ọṣẹ, itọ́ tàbí kọ́ńdọ́ọ̀mù lásán. Bó bá jẹ́ láti ilé, kó gbé ike náà mọ́ra kó má tutù, kó sì dé ilé àyẹ̀wò kí wákàtí 1 tó pé. Bí èsì ò bá dáa, wọ́n á tún un ṣe lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 3, torí ó ń gba ju oṣù 2 lọ kí ara tó ṣe irúgbìn tuntun.

Dókítà ní kí ọkọ dá abẹ́rẹ́ dúró, wọ́n sì tọ́jú àpá inú ìyàwó. Wọn ò tíì bímọ, àmọ́ irúgbìn ọkọ ti ń pọ̀ sí i, nǹkan oṣù ìyàwó náà sì ti ń padà bọ̀ sípò.

Bí ẹ bá ti ń bá ara yín lò pọ̀ déédéé fún oṣù 12 láìsí ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ lọ. Bí ìyàwó bá ti pé ọdún 35, oṣù 6 ti tó.

Ní ti òde àríyá, ọkọ ni kó dá àwọn ẹbí rẹ̀ lóhùn: "Ẹ̀gbọ́n mi, àwa méjèèjì la jọ ń rí dókítà. Bí ọ̀rọ̀ bá wà, èmi ni màá sọ fún yín." Bí ìsọmọlórúkọ kan bá wúwo jù fún yín, ẹ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, kẹ́ ẹ jókòó sílé. Ìlara kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí oorun ò bá wá, tí oúnjẹ ò wọlé, tí ẹkún ò dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ọkàn bá ń sọ pé ikú sàn, ìbànújẹ́ ti di àìsàn nìyẹn, ó sì ní ìtọ́jú. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú ni, ẹ má dúró dọ̀la.

Ẹ̀yin àgbà, bí ẹ bá tún fẹ́ gba ìyàwó nímọ̀ràn, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọkùnrin yín bóyá ó ti ṣe àyẹ̀wò.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí yín.